Gbèsè Mẹ́ta Lọ́rùn Ògbufọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí bá ògbufọ̀ wí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé ìránṣẹ́ ni ògbufọ̀. Ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ ní èdè kan, òun ni yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè ọ̀hún. Òwe náà fún un láyè láti jẹ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọgbọ́n àti ọ̀wọ̀. Ohun tí kò sọ fún un ni ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹrù tí a dì fún un bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìlà méjì péré nínú ewì Páṣíà wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, ìró tí ó bá ara mu ní ìparí ìlà náà sì wà níbẹ̀. Èwo ni yóò gbé, èwo ni yóò sì sọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Èwo nínú àdánù wọ̀nyí ni a lè pè ní àdánù lásán, èwo ni a sì gbọ́dọ̀ pè ní irọ́?

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ìlà méjì kan ṣoṣo, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn. Háfísì ni ó ni ín, akéwì ìlú Ṣíráàsì ní ilẹ̀ Páṣíà, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1390. Irú ewì tí wọ́n ń pè ní gásálì ni ó mú un lókìkí, ìlà méjì tí a ń sọ yìí sì ni ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn gásálì rẹ̀ tí a mọ̀ jù lọ. Àwọn ará Páṣíà ń pe irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀ ní béètì. Ìdajì béètì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní mísírà, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn méjì tí ó ń pàdé láàárín ẹnu ọ̀nà. Orúkọ náà bá a mu. Ìdajì kìíní ṣí sí ọ̀tún, ìdajì kejì ṣí sí òsì, àárín wọn ni a sì ń gbà wọlé.

Ní kúkúrú, ohun tí béètì náà sọ nìyí. Akéwì ní bí ará Tọ́kì kan báyìí tí ó wà ní Ṣíráàsì bá lè gba ọkàn òun sọ́wọ́, nítorí àmì dúdú kékeré tí ó wà ní ara onítọ̀hún, òun yóò fi ìlú ńlá méjì tọrẹ, Sàmákándì àti Bùkárà. Bí a bá dúró síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Olólùfẹ́ ń ṣàsọdùn, ìfẹ́ sì kọ́ ènìyàn láti máa ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ìtumọ̀ béètì náà kò jù báyìí lọ kò tíì wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ó ṣì wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ará Tọ́kì. Nínú ewì Páṣíà ayé ìgbà náà, ará Tọ́kì kì í ṣe ẹni tí a bí ní ilẹ̀ kan pàtó nìkan. Àwọn ọmọ ogun tí ó lágbára, tí wọ́n sì ń jọba lé àwọn ará Páṣíà lórí, Tọ́kì ni púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ni orúkọ náà ṣe di orúkọ ẹwà nínú ewì, ẹwà ẹni tí ara rẹ̀ funfun, tí ó le lọ́kàn, tí ó sì ń kó ọkàn ènìyàn bí ẹni kó ẹrù ogun. Nígbà tí akéwì fẹ́ sọ pé àmì tí ó wà lára ẹni náà dúdú, ọ̀rọ̀ tí ó lò ni Híńdù, nítorí pé nínú ewì wọn ọ̀rọ̀ yìí dúró fún dúdú, ó sì tún dúró fún ẹrú tàbí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú kan náà ni ọ̀gá funfun àti ẹrú dúdú ti pàdé. Sàmákándì àti Bùkárà ńkọ́? Ìlú ilẹ̀ àwọn Tọ́kì ni. Ohun tí akéwì fẹ́ fi tọrẹ jẹ́ ohun ìní àwọn ènìyàn ẹni tí ó ń tọrọ ìfẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Àwòrán mẹ́ta, ìdè kan ni ó so wọ́n pọ̀, bí a bá sì yọ ọ̀kan, èyí tí ó kù yóò tú.

Ó wá kan ìró. Nínú gásálì, ìdajì méjèèjì béètì àkọ́kọ́ ní láti parí bákan náà. Láti ibẹ̀ lọ, ìdajì kejì béètì kọ̀ọ̀kan yóò máa padà sórí ìró náà títí ewì yóò fi tán. Ìparí yìí máa ń ní apá méjì. Ìró tí ó bá ara mu, tí wọ́n ń pè ní káfíyà, ni ó ń ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń tún pè láìyí padà, tí wọ́n ń pè ní rádíìfù, lè tẹ̀ lé e. Nínú ewì tí a ń wò yìí, fáwẹ́lì gígùn kan bíi ‘á’ ni káfíyà. Rádíìfù sì jẹ́ ‘rá’, ọ̀rọ̀ kékeré tí kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó tọ́ka sí ohun tí a ṣe nǹkan sí nínú gbólóhùn. Ìdajì kọ̀ọ̀kan ní sílébù 16, tí a tò ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: kúkúrú kan, gígùn mẹ́ta, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ bí ìṣísẹ̀ ẹṣin tí kò kánjú.

Nígbà tí ògbufọ̀ bá gbé gbogbo èyí dé ẹnu ibodè Gẹ̀ẹ́sì, ìdènà mẹ́ta ni yóò pàdé. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ‘rá’, nítorí náà rádíìfù náà kò lè kọjá. Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ó parí bákan náà kò pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti pọ̀ ní Páṣíà. Ohun tí akéwì Páṣíà ń rí he nílẹ̀, ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá a kiri, níbi tí ó sì ti ń wá a ni yóò ti máa mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ wálé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Páṣíà dà bí Yorùbá nínú èyí: bí a bá ní ‘ó’, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí a ń wí. Háfísì kò sọ. Àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé ẹni tí a ń fẹ́ nínú irú ewì yìí sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ọmọ ogun tàbí agbọ́tí. Ògbufọ̀ tí ó bá ní obìnrin ni tàbí ọkùnrin ni ti dáhùn ìbéèrè tí akéwì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn aṣíwájú ti ṣe é. Ní ọdún 1771, William Jones tẹ ìwé gírámà kan jáde lórí èdè Páṣíà, ògbufọ̀ gásálì yìí sì wà nínú rẹ̀. Ìró ni Jones fi ṣe olórí. Ó na ìlà méjì di mẹ́fà kí ó lè rí àyè fún oríṣi ìparí mẹ́ta tí ó ń bá ara wọn dún. Ó rí ohun kan tí ó dára gidi: ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọwọ́ bá orúkọ Sàmákándì dún rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó san. Ará Tọ́kì kò sí níbẹ̀ mọ́, omidan ni ó wà ní ipò rẹ̀. Kò sí Ṣíráàsì, kò sì sí àmì dúdú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó pọ́n bí òdòdó, ọwọ́ tí ó funfun, wúrà Bùkárà àti òkúta iyebíye Sàmákándì, gbogbo èyí ni Jones fi dí àlàfo. Èyí tí ó burú jù ni pé kò sí ẹni tí ó fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́. Akéwì kàn ní ẹwà náà dùn mọ́ òun ju wúrà lọ ni.

Ní ọdún 1897, Gertrude Bell gbé ìwé ògbufọ̀ tirẹ̀ jáde. Òun náà so ọwọ́ mọ́ Sàmákándì, ṣùgbọ́n kò ju ìlà mẹ́ta tí ó lò. Tọ́kì padà wá, Ṣíráàsì padà wá, àmì náà padà wá. Síbẹ̀, omidan ni ẹni náà ṣì jẹ́. Ó yani lẹ́nu, nítorí pé ẹni náà ni Bell kọjú sí, tí ó ń bá sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nígbà tí a bá ń wí fún ènìyàn pé ‘ìwọ’. Kò sí ohun tí ó fi ipá mú un. Ó fi àmì náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwọ̀n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn dún níwájú. Akéwì kò sọ ibi tí ó wà. Ó yọ dúdú rẹ̀ kúrò. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó lò fún ìfitọrẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀, bí ti ẹni tí ń fi iṣu gba ẹja lọ́jà.

Wilberforce Clarke gba ọ̀nà kẹta ní ọdún 1891. Ó ní òun kò fẹ́ orin, ìtumọ̀ ni òun fẹ́. Ó tú Háfísì sí ọ̀rọ̀ geere, ó sì ń fi àlàyé tirẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn súfí há inú gbólóhùn, débi pé ẹni tí ń kà á kò ní ṣàìgbàgbé pé ewì ni òun ń kà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ jù, torí pé kò fi nǹkan kan kún un nítorí adùn. Mo kọ èyí. Béètì tí ó ń kọrin ni a rán an. Ìwé àlàyé ni ó jẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò mọ ohun tí akéwì sọ, kò sì ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi rántí rẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀ta ọdún. Àìsí orin nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orin, irọ́ ni òun náà, àmọ́ irọ́ tí ó wọ aṣọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni.

Báwo ni a óò wá ṣe mọ ìgbà tí ògbufọ̀ ti kọjá ààlà? Ìtàn kan wà tí àwọn ará Páṣíà máa ń sọ. Wọ́n ní nígbà tí Tímúrì ajagunṣẹ́gun, ẹni tí Sàmákándì jẹ́ olú ìlú rẹ̀, wọ Ṣíráàsì, ó ránṣẹ́ pe Háfísì, ó sì bi í pé báwo ni òtòṣì bíi tirẹ̀ ṣe láyà láti fi ìlú méjì tí òun fi idà gbà tọrẹ nítorí àmì ara ẹnìkan. Háfísì wólẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, irú ìnáwó àpà báyìí gan-an ni ó sọ mí di òtòṣì tí ẹ ń wò yìí.” Òótọ́ ni pé Tímúrì dé Ṣíráàsì ní ọdún 1387. Àwọn onímọ̀ kì í ka ìpàdé náà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà wúlò fún wa, nítorí pé àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ mọ ibi tí agbára béètì náà wà. Ẹ fi í dán ògbufọ̀ wò. Bí Tímúrì bá ka ti Jones, kí ni yóò bínú sí? Kò sí ẹni tí ó fi ìlú rẹ̀ tọrẹ. Bí ó bá ka ti Bell, oníṣòwò ni yóò rí, kì í ṣe àpà. Ìtumọ̀ béètì yìí wà nínú ìṣe kan: ẹni tí kò ní nǹkan fi ohun olóhun tọrẹ láìfojú pa á rẹ́. Níbi tí ìṣe náà bá ti sọnù, a ti jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ àti Sàmákándì ti wà nílẹ̀, kò sì sí ìdí láti kọ ohun tí Jones àti Bell rí. Ṣùgbọ́n Háfísì ka Sàmákándì ṣáájú, ó sì fi Bùkárà sẹ́yìn. Ṣé a lè yí wọn padà? A lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìparí ‘á’ tí Bùkárà ní ni ó gbé e sẹ́yìn ní Páṣíà. Ìró ni ó to ìlú méjì náà, kì í ṣe ìtumọ̀. Ohun tí akéwì fúnra rẹ̀ ṣe nítorí ìró, ògbufọ̀ lè tún un tò nítorí ìró. Èyí ni ọgbọ́n àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí: kí a tó fọwọ́ kan nǹkan, kí a bi í léèrè pé kí ni ó gbé e síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a kò ní yí ìsọ̀rọ̀ padà sí ‘ìwọ’. “Ará Tọ́kì yẹn” ni akéwì wí, bí ẹni tí ń nawọ́ sí ẹni tí ó jìnnà. Ìlà kìíní yóò sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bí ará Tọ́kì Ṣíráàsì yẹn bá lè gba ọkàn mi yìí sọ́wọ́, ọwọ́ ni yóò sì parí rẹ̀. Ìlà kejì yóò ní fún àmì dúdú kan ṣoṣo, mo fi Bùkárà àti Sàmákándì tọrẹ. Dípò kí a sọ pé àmì ‘rẹ̀’, kí Gẹ̀ẹ́sì sì fipá béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ‘kan ṣoṣo’ ti gba ipò náà. Ó sì fi kún àsọdùn náà: àmì kan, ìlú méjì. Bí a bá lo àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn jù lọ, sílébù 14 ni yóò wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì dúró ní ìlà méjì. Ọ̀rẹ dúró ní ọ̀rẹ. Dúdú padà sí àyè rẹ̀. Ìparí sì bá ara mu láìjẹ́ pé a yá ọ̀rọ̀ kan.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ, gbèsè ṣì kù. Gbólóhùn Páṣíà tí ó ní kí a mú ọkàn wá sọ́wọ́ túmọ̀ sí pé kí a tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí a sì jèrè rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bá gbà sọ́wọ́ báyìí lè jẹ́ ọmọ aláìgbọràn tí a fẹ́ tọ́ sọ́nà. Lẹ́yìn èyí, sílébù 14 wọ̀nyí máa ń pín sí mẹ́jọ àti mẹ́fà ní etí Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ orin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tí a ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé orin mọ̀ pé ó fúyẹ́, ó sì mọ́lẹ̀. Ìṣísẹ̀ ẹṣin Háfísì kò sí nínú rẹ̀.

Gbèsè tí ó wúwo jù ni ti Híńdù. Bí a bá sọ pé àmì náà dúdú nìkan, àwọ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹrú tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá Tọ́kì kò dé. Àwọn kan yóò ní ìyẹn dára, nítorí pé èdè tí ó fi funfun ṣe ọ̀gá, tí ó sì fi dúdú ṣe ẹrú kò yẹ kí a gbé e kiri mọ́. Àwa tí a jẹ́ ènìyàn dúdú ní ìdí láti fetí sí wọn. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí ó bá fọ ọwọ́ akéwì mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ òǹkàwé. Nínú béètì yìí pàápàá, dúdú tí a pè ní ẹrú ni akéwì fi ohun ìní àwọn ọ̀gá rà. Ó dojú ìpò náà dé, ẹni tí kò bá mọ ìpò náà kò sì lè rí i pé ó dojú dé. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọn pé kí ‘dúdú’ dúró nínú ìlà, kí àlàyé Híńdù sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ní gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á.

Láti inú béètì kan yìí, ìlànà kan jáde. Ìṣe tí ọ̀rọ̀ náà ṣe ni kí a kọ́kọ́ san. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìdè tí ó so àwọn àwòrán pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀yìn náà ni ìró, bí ó bá ṣe é rí láìta ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Ìlànà náà sì ní ibi tí ó mọ. Nínú béètì kan, ìparí méjì péré ni a ń wá. Bí gásálì bá ní béètì mẹ́sàn-án, ìparí mẹ́wàá ni yóò fẹ́ lórí ìró kan ṣoṣo, nígbà tí ó sì jẹ́ pé béètì kọ̀ọ̀kan lè máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láìwo ẹnìkejì, ìró yẹn gan-an ni okùn tí ó so ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ̀. Ẹni tí ó bá já okùn náà nítorí òtítọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti fọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ká. Dick Davis, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akéwì, kọ àròkọ kan ní ọdún 2004 lórí ìdí tí kò fi yẹ kí a máa túmọ̀ Háfísì. Ní ọdún 2012, ó tẹ ìwé kan jáde tí ògbufọ̀ ewì Háfísì wà nínú rẹ̀. N kò rí ìtakora nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá ka iye gbèsè náà tán kí ó tó gbé ẹrù ni ó lè jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí ọmọ, tí yóò sì lè sọ fún ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó rán an sí pé ohun báyìí ni mo gbé dé, ohun báyìí ni n kò lè gbé.